Kí ló dé tí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ kì í rí mi lórí LinkedIn? (iṣẹ́ dúwáànì, Àjàṣẹ́ àti Kútọnú)

Àdùkẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe ìwé dúwáànì ní ilé-iṣẹ́ tránsíìtì kan ní èbúté Kútọnú, Àjàṣẹ́ sì ni mò ń gbé. Mo ní ojú-ìwé lórí LinkedIn, mo kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ tó kọ̀wé sí mi rí. Ọ̀rẹ́ mi tí kò tíì pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí tó mi, ó ń gba ìpè. Wọ́n ní asẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń sẹ́ wa. Níbo ni mo máa kọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn sí kí asẹ́ náà má baà dà mí nù?

---

Bọ́dé_Ṣábẹ̀ẹ́

Ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ ni kó o tún ṣe, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó ń gba àmì 220, nítorí náà má fi àyè kankan ṣòfò. Kó gbogbo orúkọ iṣẹ́ rẹ jọ síbẹ̀, kó o wá tún wọn kọ léraléra ní apá "Infos". Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe máa rí ọ tó. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn.

---

Àǹtí_Sìkírá

Bọ́dé, ìdajì òótọ́ lo sọ. Èmi ti bá àwọn ilé-iṣẹ́ ní Kútọnú wá òṣìṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, irin-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní LinkedIn Recruiter ni mo sì ń lò. Kì í ṣe àpótí kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Àpótí orúkọ iṣẹ́ wà lọ́tọ̀, ti ibùgbé wà lọ́tọ̀, ti ìmọ̀-iṣẹ́ náà wà lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni àpótí kan tí èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí sí. Ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan ń kà lójú-ìwé rẹ yàtọ̀ síra. Ìlà abẹ́ orúkọ tí ò ń sọ yẹn, àpótí ọ̀rọ̀ gbogboogbò ló ń kà á, nítorí pé gbogbo ojú-ìwé lòun ń wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ orúkọ iṣẹ́ sínú àpótí orúkọ iṣẹ́, apá "Expérience" ló ń lọ wò, níbi tí èèyàn kọ orúkọ ipò kọ̀ọ̀kan tó ti dì mú sí. O lè kọ "Déclarant en douane" sábẹ́ orúkọ rẹ bó o bá ṣe fẹ́, bí kò bá sí ní "Expérience", àpótí yẹn kò ní mú ọ.

Àdùkẹ́, má ṣàlàyé kankan fún mi. Ohun tó wà lójú-ìwé rẹ gan-an ni kó o dà síbí: ìlà abẹ́ orúkọ, orúkọ iṣẹ́ tó o wà nínú rẹ̀ báyìí, èyí tó ṣáájú rẹ̀, ibùgbé, àti àwọn ìmọ̀-iṣẹ́ tó o tò.

---

Pobẹ̀_Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, mo fẹ́ béèrè nípa CV. Èmi ya fọ́tò CV mi tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta lórí ìkànnì wọn. Ṣé asẹ́ yẹn máa kà á?

---

Àǹtí_Sìkírá

Ọ̀rọ̀ tiwa kọ́ nìyẹn, àmọ́ jẹ́ kí n dá ọ lóhùn kíá. Fọ́tò jẹ́ àwòrán, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń gba CV kò sì lè rí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ṣí fáìlì náà, kó o gbìyànjú láti fi ìka yan ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Bí o kò bá lè yàn án, má retí pé ẹ̀rọ máa kà á. Lọ tẹ̀ ẹ́ sínú Wọ́ọ̀dù kó o tó fi ránṣẹ́ padà.

---

Àdùkẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an Àǹtí. Bó ṣe wà nìyí, ẹ má rẹ́rìn-ín:

Abẹ́ orúkọ: "Dynamique, rigoureuse et passionnée | En quête de nouveaux défis"
Iṣẹ́ báyìí: "Assistante polyvalente"
Èyí tó ṣáájú: "Déclarant(e) en douane"
Ibùgbé: "Porto-Novo"
Ìmọ̀-iṣẹ́: "Travail en équipe", "Microsoft Word", "Communication", "Ponctualité"

Nínú "Infos" ni mo ti sọ̀rọ̀ nípa SYDONIA World àti àwọn ẹrù tí mo ti bá wọn yọ. Orúkọ ipò yẹn, bí ọ̀gá ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ni mo ṣe kọ ọ́. Iṣẹ́ déclarant náà ni mo ṣì ń ṣe lójoojúmọ́, wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà nígbà tí ilé-iṣẹ́ dín èèyàn kù.

---

Àǹtí_Sìkírá

Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń rí. Jẹ́ kí n fi ìwárí kan hàn ọ́, irú èyí tí mo máa ń ṣe bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní kí n wá déclarant fún òun. Nínú àpótí orúkọ iṣẹ́, mo máa kọ:

```
"déclarant en douane" OR "déclarante en douane" OR transitaire
```

Máa ṣàkíyèsí pé lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ OR. Àmì ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn náà ń sọ fún ẹ̀rọ pé bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn yẹn ni mo fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà mo máa sọ pé iṣẹ́ tí èèyàn náà wà nínú rẹ̀ báyìí ni kó wò, kì í ṣe ti àtijọ́, nítorí pé oníbàárà mi fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbóná. Ibi tó o ti kọ́kọ́ já bọ́ nìyẹn. "Assistante polyvalente" lẹ̀rọ rí, kò sì sí ọ̀nà tó fi máa mọ̀ pé ìwé dúwáànì lò ń ṣe. Ìwọ gan-an, ká ní o fẹ́ wá ẹni tó máa yọ kọ̀ǹténà, ṣé o máa kọ "polyvalente" sínú àpótí?

Ká ní mo wá jẹ́ kó wo ti àtijọ́ náà. "Déclarant(e)" tó o kọ tún lè da nǹkan rú. Bí ẹ̀rọ bá já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ níbi tí àmì akọmọ wà, "e" yẹn dá dúró sáàárín "déclarant" àti "en", gbólóhùn tí mo fi àmì ọ̀rọ̀ dè kò sì bá a mu mọ́. Mú ọ̀kan, kó o kọ ọ́ jálẹ̀.

Ibùgbé wá kàn. Bí mo bá mú Bénin lódindi, o wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá ní Kútọnú ni òun fẹ́, tí mo sì mú Kútọnú nìkan, mo lè má rí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn tó ń gbé Àjàṣẹ́ ń lọ ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó wà ní Abidjan tó ń bá wa wá òṣìṣẹ́ kò mọ̀ pé ìrìn nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà ló wà láàárín méjèèjì. Ó kàn mú ìlú tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó iṣẹ́.

Ti ìmọ̀-iṣẹ́ ló gbẹ̀yìn. Mo máa ń kọ "Dédouanement" síbẹ̀, tí mo bá sì sọ pé dandan ni, ẹni tí kò tò ó sínú "Compétences" lè má yọ sí mi. "Ponctualité" kò bá ọ ṣe nǹkan kan. Mi ò tíì rí ẹni tó fi í wá èèyàn.

Ibi kan ṣoṣo tó o ti máa jáde ni bí mo bá kọ SYDONIA sínú àpótí ọ̀rọ̀ gbogboogbò, nítorí pé ó wà nínú "Infos" rẹ. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, àwọn àpótí yòókù ti dà ọ́ nù.

---

Bọ́dé_Ṣábẹ̀ẹ́

Háà! Ìyẹn ni pé asán ni mo kọ orúkọ iṣẹ́ mi ní ìgbà méje sínú "Infos"?

---

Àǹtí_Sìkírá

Ẹ̀ẹ̀kan tó. Ẹ̀rọ kò ní tìtorí pé o tún un sọ kó fi ọ́ sínú àpótí orúkọ iṣẹ́. Èèyàn ló sì máa ka "Infos" yẹn níkẹyìn. Bí mo bá ṣí ojú-ìwé kan tí mo bá ọ̀rọ̀ kan náà tó ń tẹ̀lé ara rẹ̀ báyẹn, mo máa ń ti í pa.

---

Ọmọ_Alákétu

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ ibùgbé yìí. Kétu ni mo wà, Kétu tiwa níbí, ní ẹkùn Plateau. Oníṣẹ́ iná oòrùn ni mí. Ìgbà tí mò ń ṣe ojú-ìwé mi, mo tẹ "Ketu", orúkọ kan yọ nísàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó parí. Láti ìgbà náà, àwọn ará Èkó ló ń kọ̀wé sí mi: "Ṣé o lè wá sí Ikeja lọ́la?" Mo rò pé òkìkí mi ti kan Èkó ni! Àṣé Kétu ti Èkó ni mo mú, lẹ́bàá Mile 12. Kò sí ará Bénin kankan tó rí mi.

---

Àǹtí_Sìkírá

Òkìkí ti kàn lóòótọ́! Ìwọ nìkan kọ́ o. Mo máa ń rí àwọn tó tẹ "Benin" tí wọ́n sì mú "Benin City", tí wọ́n wá di ará ìpínlẹ̀ Ẹdó ní Nàìjíríà. Mú orílẹ̀-èdè kọ́kọ́, Bénin, kó o tó kọ ìlú. Tẹ "Kétou" bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé ìjọba, kì í ṣe "Ketu". Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ náà, "Savè" ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti yàn án tán, ẹ ka gbogbo ìlà náà dópin kẹ́ ẹ tó fi pamọ́. Bí orúkọ orílẹ̀-èdè tó wà nípẹ̀kun rẹ̀ kì í bá ṣe tiwa, ẹ padà.

Nǹkan míì tún nìyí: ibùgbé tó wà lókè ojú-ìwé, lẹ́bàá orúkọ rẹ, ni asẹ́ ibùgbé ń kà. Kíkọ tó o kọ "Cotonou" sábẹ́ iṣẹ́ kan ní "Expérience" kò sọ ọ́ di ará Kútọnú lójú rẹ̀.

---

Àdùkẹ́_Àjàṣẹ́

Ṣé kí n wá yí ibùgbé mi sí Cotonou? Ó ń ṣe mí bíi pé irọ́ ni.

---

Àǹtí_Sìkírá

Má yí i. Lo "Open to work". Ó máa béèrè orúkọ iṣẹ́ tó ò ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o lè kọ tó márùn-ún, yóò sì tún béèrè àwọn ibi tó o lè ṣiṣẹ́. Kọ Porto-Novo àti Cotonou síbẹ̀, fi Sèmè kún un bí o bá lè lọ. Ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ lè ní kí asẹ́ rẹ̀ mú àwọn tó ń gbé níbẹ̀ nìkan, ó sì lè ní kó mú àwọn tó ṣe tán láti wá síbẹ̀ mọ́ wọn. Bó bá ṣe ti ìkejì, o ti wọlé.

Yan pé àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ nìkan ni kó rí i. Bí o bá yan gbogbo ayé, òrùka àwọ̀ ewé máa yí fọ́tò rẹ ká, ọ̀gá rẹ á sì rí i. LinkedIn sọ pé àwọn máa ń gbìyànjú láti fi pamọ́ fún àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ tó o wà, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kọ ọ́ pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí ọ̀gá rẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń lo irin-iṣẹ́ yìí, kó o mọ̀ pé ó lè tà sí i létí.

---

Bàbá_Àgbà_Ìwé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Sìkírá, ohun kan ń kọ mí lóminú. Ìwọ fẹ́ kí ọmọ yìí yọ "Assistante polyvalente" kúrò kó fi "Déclarante en douane" rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó mú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ wá ńkọ́? Orúkọ tó wà nínú ìwé yẹn yàtọ̀ sí èyí tó kọ. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti lé èèyàn nítorí irú èyí. Wọ́n ní ó parọ́ ipò.

---

Àǹtí_Sìkírá

Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Èmi kò ní kó yọ ọ́. Ó lè kọ méjèèjì pọ̀ sínú àyè kan náà, èyí tí ayé mọ̀ ṣíwájú, ti ìwé àdéhùn lẹ́yìn:

```
Déclarante en douane (Assistante polyvalente)
```

Gbólóhùn tí mo wá wà lódindi níbẹ̀, orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí náà wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ń yẹ ìwé wò bá béèrè, kò sí ohun tó fi pamọ́.

---

Bàbá_Àgbà_Ìwé

Ìyẹn sàn díẹ̀. Àmọ́ ti ìwé àdéhùn ni èmi á fi ṣíwájú. Ẹni tó fún èèyàn níṣẹ́ ló ní orúkọ iṣẹ́.

---

Àǹtí_Sìkírá

Ní ti ìwárí ọ̀rọ̀, méjèèjì á jáde, Bàbá. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ tí ń jáde lójú mi, orúkọ ló pọ̀, fìrí ni mo máa ń wò wọ́n kọjá. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣíwájú ni ojú mi ń kàn. Kò sì yẹ kéèyàn ṣe èyí bí iṣẹ́ náà kò bá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó kàn ń gbé fáìlì lọ fún déclarant kì í ṣe déclarant.

Ibì kan wà tí ẹ ti borí mi díẹ̀. LinkedIn ní àkọsílẹ̀ àwọn orúkọ iṣẹ́ tirẹ̀, èyí tó máa ń yọ nísàlẹ̀ bí èèyàn bá ti ń tẹ lẹ́tà. Nígbà míì èmi náà kì í kọ ọ̀rọ̀ fúnra mi, ọ̀kan nínú wọn ni mo máa ń tẹ̀. Ẹni tó mú orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ yẹn láìfi nǹkan kan kún un ló rọrùn jù fún ẹ̀rọ láti so mọ́ ohun tí mo tẹ̀. Bí ó bá ti fi akọmọ kún un, ó lè ṣòro díẹ̀. Nítorí náà, Àdùkẹ́, tẹ orúkọ náà kó o wo ohun tó yọ. Bí "Déclarant en douane" bá yọ, fi èyí tó bá yọ gẹ́lẹ́ sínú "Open to work", kó o fi alákọmọ sílẹ̀ ní "Expérience". Wàá ní ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà rí ọ.

---

Àdùkẹ́_Àjàṣẹ́

Mo ti ṣe é. "Déclarant" ló yọ, ti ọkùnrin. Mo fi í sínú "Open to work", mo sì fi "Déclarante" sílẹ̀ lápá kejì. Àwọn ìmọ̀-iṣẹ́ wá ńkọ́? Wọ́n ní ó tó ọgọ́rùn-ún tí èèyàn lè tò.

---

Àǹtí_Sìkírá

Ó tó ọgọ́rùn-ún, ta ni yóò kà á? Bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó ọ, bó bá ṣáà jẹ́ ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe ni. Lọ ka ìpolówó iṣẹ́ déclarant mélòó kan tó jáde láìpẹ́ ní Kútọnú, kó o kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń padà wá nínú wọn sílẹ̀. Èmi mọ̀ pé wàá bá "Dédouanement", "Transit", "Incoterms", àti "Classement tarifaire" pàdé. SYDONIA World ni ẹ̀rọ tí dúwáànì wa ń lò, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà nínú "Compétences", kì í ṣe nínú "Infos" nìkan. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹ̀rọ kan náà ní ASYCUDA World. Bí o bá fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó ń bá Nàìjíríà ṣe òwò rí ọ, kọ ìyẹn náà sínú "Infos", nínú gbólóhùn kan tó ní "clearing agent" nínú. Ṣé o ti ṣe ẹrù Sèmè-Kraké rí?

---

Àdùkẹ́_Àjàṣẹ́

Ó pọ̀ gan-an! Èmi ni wọ́n máa ń rán sí àwọn oníbàárà tó bá wá láti Èkó, nítorí èdè.

---

Àǹtí_Sìkírá

Kí ló wá dé tí Yorùbá kò sí lójú-ìwé rẹ? Asẹ́ èdè wà nínú irin-iṣẹ́ náà, ti èdè téèyàn ń sọ. Lọ fi Yorùbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sínú apá "Langues". Mo ti wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá fún ibodè rí, ẹni tí mo rí kò tó nǹkan. Kì í ṣe pé wọn kò sí. Wọn kò kọ ọ́ ni.

---

Bọ́dé_Ṣábẹ̀ẹ́

Àǹtí, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́? Àwa kò ní irin-iṣẹ́ olówó ńlá tiyín.

---

Àǹtí_Sìkírá

Ní ìwárí lásán, tẹ orúkọ iṣẹ́ rẹ, mú "Personnes", ṣí gbogbo asẹ́, kó o fi Bénin sí ibùgbé. Nísàlẹ̀ àwọn asẹ́ náà, àyè kan wà tí o lè kọ orúkọ iṣẹ́ nìkan sí. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kan kó ṣe é lórí fóònù tirẹ̀, kó wò ó bí o bá yọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú tèmi, nítorí náà yíyọ níbẹ̀ kò fi dandan sọ pé o máa yọ lọ́dọ̀ mi. Bí o kò bá yọ rárá, a jẹ́ pé ohun kan ṣì kù. Ẹ má sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, ẹni tí kò sanwó ní iye ìwárí tó lè ṣe lóṣù kí wọ́n tó dí i lọ́nà.

Lẹ́yìn náà, wo iye ìgbà tó o jáde nínú ìwárí àwọn èèyàn, ó wà lójú-ìwé tìrẹ. Má wo iye nìkan, wo irú àwọn tó wá ọ àti ilé-iṣẹ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ àti oníṣòwò aṣọ ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó o kọ ń pe ẹlòmíràn.

---

Ọmọ_Alákétu

Mo ti yí tèmi sí Kétou, Plateau. Ṣùgbọ́n Àǹtí, kò sí ilé-iṣẹ́ iná oòrùn tó máa mú Kétou nínú asẹ́ rẹ̀. Kútọnú tàbí Parakou ni wọ́n máa mú. Àwọn ará Èkó yẹn sì ń sanwó o! Mo fẹ́ẹ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀.

---

Àǹtí_Sìkírá

Fi Kétou sílẹ̀, kó o kọ Èkó, Kútọnú àti Parakou sínú "Open to work", bí o bá lè lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá pè ọ́ láti Ikeja á ti mọ̀ pé o máa kọjá ibodè kó o tó dé.

---

Bàbá_Àgbà_Ìwé

Èmi ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi nípa orúkọ tó yẹ kó ṣíwájú.

---

Àdùkẹ́_Àjàṣẹ́

Bàbá, mo gbọ́. Mo ti fi Déclarante ṣíwájú ná, màá sì bi ọ̀gá bóyá ó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí mi. Àbúrò mi ṣe ìwárí yẹn lórí fóònù rẹ̀ lálẹ́ yìí: mo yọ bí ó ṣe mú Bénin, n kò yọ bí ó ṣe mú Cotonou. Àǹtí, ṣé "Open to work" kì í hàn nínú ìwárí lásán ni?

---

Àǹtí_Sìkírá

Ibùgbé tó wà lókè ni ìwárí lásán ń kà, bó o sì ti yàn án pé àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ nìkan ni kó rí i, àbúrò rẹ kò lè rí i. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wá sọ irú ilé-iṣẹ́ tó wá ọ fún wa níbí.